Kí ló dé tí àwọn tó gbégbá orókè fi já wálẹ̀ ní ìdánwò kejì?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ìṣirò ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan n'Íbàdàn, ọgọ́ta ọmọ ló wà ní kíláàsì mi. Lẹ́yìn ìdánwò àkọ́kọ́ ní tọ́ọ̀mù yìí, mo fún àwọn mẹ́wàá tó wà lókè ní ẹ̀bùn. Àwọn mẹ́wàá tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, mo bá wọn wí gidi, mo sì fi wọ́n sí lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ìdánwò kejì dé, ìpíndọ́gba máàkì àwọn tí mo fún ní ẹ̀bùn já láti 74 sí 65, ti àwọn tí mo bá wí sì gòkè láti 28 sí 37. Ọ̀gá wa ní ó ti hàn gbangba pé ẹ̀bùn ń ba ọmọ jẹ́, pé pàṣán ló ń tún un ṣe. Ṣé òótọ́ ni? Mo fi máàkì gbogbo wọn ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé ìbéèrè.

Ìdáhùn

Ẹ bá mi bẹ ọ̀gá kí wọ́n ṣì fi pàṣán sílẹ̀ ná. Máàkì tí ẹ fi ránṣẹ́ kò sọ ohunkóhun nípa ẹ̀bùn tàbí ìbáwí. Ká ní ẹ kò fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, tí ẹ kò sì bá ẹnikẹ́ni wí, ibi tí àwọn ọmọ wọ̀nyí bọ́ sí náà ni wọn ì bá bọ́ sí, bó bá tilẹ̀ yẹ̀ díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó máa ń wà nínú máàkì. Ìbéèrè 40 ló wà nínú ìwé ìbéèrè yín, ìdáhùn mẹ́rin ló tẹ̀lé ọ̀kọ̀ọ̀kan, A dé D, kí ọmọ mú ọ̀kan. Ẹ mú ọmọ kan tó mọ 24 nínú wọn dájú. Ó ku 16 tí yóò ṣe méfò sí. Ọ̀kan nínú mẹ́rin ló tọ̀nà, nítorí náà a ń retí pé méfò yóò bá a mú mẹ́rin nínú 16 yẹn, gbogbo rẹ̀ yóò sì jẹ́ 28 nínú 40, ìyẹn 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n méfò kì í dúró sójú kan. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí ìmọ̀ wọn rí bákan náà gẹ́lẹ́, bíi mẹ́jọ ni méfò yóò bá mú méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bíi mẹ́fà ni kò sì ní rí ju ẹyọ kan lọ. Ẹni tó rí méje gba 77.5. Ẹni tó rí ẹyọ kan gba 62.5. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì mọ̀. Méfò nìkan la sì kà yẹn o. A ò tíì ka ọmọ tí orí ń fọ́ lọ́jọ́ ìdánwò, èyí tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kò jẹ́ kó sùn, àti èyí tó ṣe kòńgẹ́ pé ohun tó kà lálẹ́ àná ló jáde.

Nígbà tí ẹ wá yan àwọn mẹ́wàá ti òkè, máàkì lẹ fi yàn wọ́n, ẹ kò rí inú orí wọn. Àwọn tó mọ̀ ọ́n wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí ọjọ́ náà san fún ló kún ibẹ̀, torí pé ọmọ tó mọ̀ ọ́n bíi tiwọn tí ọjọ́ náà kò sì san fún ti bọ́ sí ipò kẹẹ̀ẹ́dógún, kò bá wọn gba ẹ̀bùn. Nísàlẹ̀, òdìkejì rẹ̀ ni: àwọn tí ọjọ́ náà kò san fún ló kún ibẹ̀. Nígbà tí ìdánwò kejì dé, kálukú gbé ìmọ̀ rẹ̀ wọ gbọ̀ngàn, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè gbé oríire tàbí oríburúkú ìdánwò àkọ́kọ́ wọlé. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé òkè á wálẹ̀ díẹ̀, ìsàlẹ̀ á sì gòkè díẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yí padà.

Ẹ ó ní, báwo la ṣe mọ iye tí wọn yóò fi já? Nọ́ḿbà kan la nílò, èyí tó ń sọ bí ìdánwò méjèèjì ṣe tẹ̀lé ara wọn tó. Bí máàkì àkọ́kọ́ bá sọ ti èkejì láìyẹ̀, nọ́ḿbà náà á jẹ́ 1. Bí àkọ́kọ́ kò bá sọ nǹkan kan nípa èkejì, á jẹ́ 0. Mo to máàkì àkọ́kọ́ sí òpó B nínú Excel, mo to èkejì sí òpó C, láti ìlà kejì títí dé ìkọkànlélọ́gọ́ta, mo sì tẹ èyí:

```
=CORREL(B2:B61,C2:C61)
```

Tiyín jẹ́ 0.6, èyí kò sì burú fún ìdánwò kíláàsì. Ìpíndọ́gba gbogbo kíláàsì jẹ́ 50 nígbà méjèèjì, bí máàkì ṣe fọ́n ká kò sì yàtọ̀. Àwọn mẹ́wàá ti òkè gba 74, wọ́n fi 24 ju ìpíndọ́gba lọ. 24 lọ́nà 0.6 jẹ́ 14.4, ẹ fi kún 50, ó di 64.4. Wọ́n gba 65. Àwọn mẹ́wàá ti ìsàlẹ̀ gba 28, wọ́n fi 22 dín sí ìpíndọ́gba. 22 lọ́nà 0.6 jẹ́ 13.2, ẹ yọ ọ́ nínú 50, ó ku 36.8. Wọ́n gba 37. Èmi kò rí ohun tó kù tí a fẹ́ fi ẹ̀bùn tàbí ìbáwí ṣàlàyé.

Ẹ má ṣe rò pé nọ́ḿbà yìí ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ nípa ọmọ kan ṣoṣo. Ìpíndọ́gba ẹgbẹ́ ló ń sọ. Nínú àwọn mẹ́wàá ti òkè yín, méjì ni máàkì wọn tún gòkè sí i, ìyẹn sì bá ìṣirò mu. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé gbogbo ẹni tó wà lókè ló gbọ́dọ̀ já, kò yé e.

Ẹ̀rí tó máa ń pa àwọn ènìyàn lẹ́nu mọ́ jù ni kéèyàn yí ọ̀rọ̀ náà padà. Mo mú àwọn mẹ́wàá tó wà lókè ní ìdánwò *kejì*, mo sì wo ohun tí wọ́n gbà ní àkọ́kọ́. Ìpíndọ́gba wọn ní ìdánwò kejì jẹ́ 73. Ní àkọ́kọ́, 64 péré ni. Tó bá jẹ́ ẹ̀bùn ló já àwọn ti àkọ́kọ́ wálẹ̀, kí ló wá mú máàkì àwọn wọ̀nyí kéré sẹ́yìn, nígbà tí kò sẹ́ni tó tíì gba nǹkan kan? Ẹ̀bùn kì í ṣiṣẹ́ sẹ́yìn. Ẹ fi èyí han ọ̀gá, mo rò pé òun ló máa yé wọn ju ìṣirò mi lọ.

Francis Galton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí irú nǹkan báyìí nínú gíga ènìyàn, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1886. Ó wo àwọn ọmọ 928 tó ti dàgbà, láti ọ̀dọ̀ tọkọtaya 205. Bí bàbá àti ìyá bá fi íńṣì mẹ́ta ga ju ìpíndọ́gba lọ, àwọn ọmọ wọn a máa fi nǹkan bí íńṣì méjì ga jù ú lọ. Tí èèyàn bá sì bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tó ga, àwọn òbí wọn náà ló sún mọ́ ìpíndọ́gba jù wọ́n lọ. Síbẹ̀, àwọn ènìyàn kò di ọgbọọgba, torí pé àwọn gíga tuntun ń yọ láti inú ìdílé tí kò ga. Bẹ́ẹ̀ náà ni kíláàsì yín: ẹlòmíràn ti gba ipò àwọn tó já.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn àti ìbáwí gan-an ni Daniel Kahneman, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2002, bá pàdé lọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ́ni ní wíwa ọkọ̀ òfuurufú ológun ní Ísírẹ́lì. Ó ń sọ fún wọn pé ìyìn ń kọ́ni ju ìbáwí lọ. Ọ̀kan nínú wọn dìde, ó ní kò rí bẹ́ẹ̀: bí òun bá yin akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣe dáadáa, kì í ṣe dáadáa tó bẹ́ẹ̀ mọ́ nígbà kejì, bí òun bá sì pariwo mọ́ ẹni tó ṣe é burúkú, ó máa ń sunwọ̀n sí i. Kahneman kò bá a jiyàn. Ó fi ẹfun fa òbìrí sílẹ̀, ó ní kí wọ́n kẹ̀yìn sí i, kí kálukú ju owó ẹyọ sí i lẹ́ẹ̀mejì láìwẹ̀yìn. Àwọn tó sún mọ́ òbìrí jù ní àkọ́kọ́, púpọ̀ nínú wọn ló jìnnà sí i ní èkejì, àwọn tó jìnnà sì sún mọ́ ọn. Kò sẹ́ni tó yìn wọ́n, kò sì sẹ́ni tó bá wọn wí.

Ìṣirò yìí ní ààlà tirẹ̀ o. Bí ìpíndọ́gba gbogbo kíláàsì bá já láti 50 sí 42, ìbéèrè ló le tàbí iṣẹ́ ló di ẹrù, kì í ṣe ohun tí mo ń sọ. Bí àwọn ti òkè bá já sí 55 nígbà tí ìṣirò ní 64, ẹ wá ìdí rẹ̀, nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ sí wọn. Bí ìdánwò kẹta bá dé, ẹ má retí pé wọn yóò tún já: nǹkan bí 64 náà ni wọn yóò wà, torí oríire àkọ́kọ́ ti ṣí kúrò lórí wọn lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá ń já lọ ní ìdánwò kẹta àti ìkẹrin, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, ẹ pè wọ́n jókòó.

Ní ti lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́, kò túmọ̀ sí pé kò wúlò. Ó kàn jẹ́ pé ọ̀nà tí ẹ gbà ṣe é kò lè fi hàn bóyá ó wúlò. Ní tọ́ọ̀mù tó ń bọ̀, ẹ mú ogún ọmọ tó wà nísàlẹ̀, kí ẹ ṣẹ́ kèké lé wọn lórí: mẹ́wàá á bẹ̀rẹ̀ lẹ́sìn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, mẹ́wàá á dúró di ẹ̀yìn ìdánwò kejì kí tiwọn tó bẹ̀rẹ̀. Kèké ni kó yàn o, kì í ṣe ẹni tí òbí rẹ̀ wá bẹ̀ yín. Ẹgbẹ́ méjèèjì ni yóò gòkè. Ohun tí ẹgbẹ́ tó gba lẹ́sìn bá fi ju èkejì lọ ni iṣẹ́ lẹ́sìn. Pẹ̀lú ọmọ mẹ́wàá mẹ́wàá péré, bí máàkì yín ṣe fọ́n ká yìí, bí ìyàtọ̀ náà kò bá tó nǹkan bíi máàkì 11, ẹ má tíì gbà á gbọ́. Ẹ tún un ṣe pẹ̀lú àwọn ọmọ mìíràn, kí ẹ sì pa àbájáde méjèèjì pọ̀.

Ní ti ẹ̀bùn, tó bá jẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lẹ fẹ́ fún, ẹ dúró kí ìdánwò pé mẹ́ta, kí ẹ fi ìpíndọ́gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yàn. Oríire ọjọ́ kan kò ní lágbára púpọ̀ níbẹ̀ mọ́. Ọmọ tó wà ní ipò kẹẹ̀ẹ́dógún lẹ́ẹ̀kíní náà lè bá wọn gba tirẹ̀.