Bí ẹnjiníà tuntun tó wà lókè òkun ṣe lè wọ ẹgbẹ́ NSE

«Ẹ jọ̀wọ́ ẹ̀yin àgbà, Ifẹ̀ ni mo ti gboyè ẹnjiníà ilé àti afárá, mo ti sin ìlú tán, Leeds ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Mo fẹ́ wọ NSE, ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà Nàìjíríà. Báwo ni kí n ṣe máa kọ iṣẹ́ tí mo ń ṣe sínú lọ́ọ̀gìbúùkù mi, ta ni ó lè ṣe onígbọ̀wọ́ fún mi, báwo ni mo sì ṣe máa san owó ẹgbẹ́ láti ibí?»

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ tí ẹ bá padà sílé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ìlú London gan-an ni àwọn ọmọ Nàìjíríà ti dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ ní ọdún 1958, nítorí náà wíwà lókè òkun kò sọ yín di àlejò nínú rẹ̀. Ìpele méjì ló kàn yín nísinsìnyí. Èkíní ni ti gírádúéètì, tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè lè wọ̀ bí COREN, àjọ tó ń forúkọ ẹnjiníà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, bá ti fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ tó kọ́ ní yunifásítì. Èkejì ni ti ọmọ ẹgbẹ́ kíkún, tí èèyàn fi ń kọ MNSE sẹ́yìn orúkọ rẹ̀; ìyẹn ń béèrè iṣẹ́ ọdún 4 ó kéré tán lẹ́yìn ìgboyè, ìròyìn iṣẹ́ tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ, àwọn onígbọ̀wọ́, àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ẹ gba ti gírádúéètì báyìí, kí ẹ sì máa fi ọdún tó kù kó ẹrù ìpele kejì jọ.

Lọ́ọ̀gìbúùkù ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí jù, nítorí inú rẹ̀ ni ẹ ó ti rí ìròyìn iṣẹ́ yín kọ, òun náà ni àwọn onígbọ̀wọ́ yóò sì kà kí wọ́n tó lè jẹ́rìí yín. Ohun tó ń ba ti ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́ ni pé ìtàn sáìtì ni wọ́n ń kọ, wọn kì í kọ ìtàn ara wọn: «A da kankéré dẹ́kìn lónìí.» Ta ni ń jẹ́ «a»? Kí ni ẹ̀yin fúnra yín ṣe níbẹ̀? Ẹni tó bá ń fọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò kò wá gbọ́ bí ilé náà ṣe ga tó. Ohun tó ń wá ni ibi tí ẹ ti ronú, tí ẹ ti ṣírò, tí ẹ sì ti pinnu nǹkan tí ẹ lè dúró tì.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀ràn kan yẹ̀ wò. Ká ní ẹ da dẹ́kìn kan nígbà òtútù, pẹ̀lú kankéré tí agbára rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó 30 N/mm² ní ọjọ́ 28. Ẹ fi díẹ̀ nínú kankéré náà ṣe àwọn kúùbù fún àyẹ̀wò, tí ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílímítà 150 lọ́nà gbogbo. Ojú kúùbù náà jẹ́ 22,500 mm². Ní ọjọ́ keje, ẹ̀rọ fọ́ èyí àkọ́kọ́ nígbà tí ẹrù orí rẹ̀ dé 420 kN, ẹ sì ṣírò rẹ̀ báyìí:

```
420 000 N ÷ 22 500 mm² = 18.7 N/mm²
```

Ní ọjọ́ keje, kankéré báyìí sábà máa ń ti ní nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára rẹ̀, ìyẹn nǹkan bí 20 N/mm². Èyí rẹlẹ̀ díẹ̀. Àkọsílẹ̀ tó dára yóò sọ pé ẹ wo ìwé tí ọkọ̀ kankéré mú wá, ẹ rí i pé ẹnikẹ́ni kò bu omi kún un ní sáìtì, ẹ sì wá rí i pé ìta ni àwọn kúùbù náà sùn ní òru àkọ́kọ́, dípò ibi tó móoru. Òtútù máa ń fa ọwọ́ líle kankéré sẹ́yìn. Nítorí náà ẹ kọ̀wé sí ọ̀gá yín pé kí wọ́n má ṣe tú igi tó gbé dẹ́kìn dúró títí èsì ọjọ́ 28 yóò fi dé. Ní ọjọ́ 28, kúùbù kejì fọ́ ní 702 kN, ìyẹn 31.2 N/mm², ó sì yege. Ẹ kọ ọjọ́, ìṣirò, ohun tí ẹ fura sí àti ìpinnu yín sílẹ̀, kí ọ̀gá fọwọ́ sí i láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà. Irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀ kan níyì ju ogún ojú ìwé «a da kankéré» lọ. Ẹ má ṣe kó oṣù mẹ́fà jọ kí ẹ tó kọ ọ́, torí yíǹkì kan náà àti ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin máa ń tú àṣírí ara wọn.

Ọ̀gá yín ní Leeds ló yẹ kó fọwọ́ sí iṣẹ́ tó rí. Ẹ jẹ́ kó kọ ipò rẹ̀, àjọ tó forúkọ sílẹ̀ sí àti nọ́ńbà rẹ̀ níbẹ̀ sí abẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n onígbọ̀wọ́ tí NSE ń béèrè yàtọ̀: ọmọ ẹgbẹ́ kíkún NSE ni ó gbọ́dọ̀ jẹ́, tí COREN náà mọ̀, tí kò sì jẹ ẹgbẹ́ lówó. Ibi gbèsè yìí ni ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù ti ń padà wá. Èèyàn ńlá lè fi tayọ̀tayọ̀ fọwọ́ sí ìwé yín, kó má sì rántí pé òun kò tíì san owó ọdún yìí. Kò sí àfojúdi nínú kí ẹ rọra bi í pé: «Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé owó ẹgbẹ́ yín pé?»

Ẹ má ṣe wá orúkọ tó ń dún. Ẹ wá ẹnìkan tó lè dáhùn bí wọ́n bá pè é pé kí ni ẹni yìí mọ̀ ọ́n ṣe. Olùkọ́ yín ní Ifẹ̀ lè ṣe é bó bá tẹ́ òṣùwọ̀n, àmọ́ ohun tí ẹ ṣe nílé ẹ̀kọ́ nìkan ló mọ̀. Láti ọdún àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti wá ẹnjiníà ọmọ Nàìjíríà méjì tàbí mẹ́ta tó ń ṣe irú iṣẹ́ yín, kí ẹ máa fi ojú ìwé díẹ̀ nínú lọ́ọ̀gìbúùkù ránṣẹ́ sí wọn ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n máa bi yín ní ìbéèrè. Nígbà tí àsìkò bá tó, lẹ́tà wọn yóò lè sọ ọdún tí wọ́n ti mọ̀ yín, iṣẹ́ tí wọ́n yẹ̀ wò àti ohun tó dá wọn lójú nípa ìmọ̀ yín.

Ní ti owó, oríṣiríṣi ni: owó fọ́ọ̀mù, owó ìgbàwọlé, owó ọdọọdún ti orílé-iṣẹ́ àti ti ẹ̀ka tí ẹ bá wà. Ẹ wo iye rẹ̀ lójú òpó ẹgbẹ́ ní ọjọ́ tí ẹ fẹ́ san án gan-an. Ẹ má ṣe fi ránṣẹ́ sí àpò ẹnikẹ́ni tó ní òun máa bá yín san án. Bí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín bá máa fi náírà san án nílé, ẹ rí i pé orúkọ yín àti nọ́ńbà yín ló wà lórí rìsíìtì, kì í ṣe tirẹ̀. Láti ọdún tí ẹ bá di gírádúéètì ni owó ọdọọdún ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà, gbèsè rẹ̀ a sì máa dúró de èèyàn lójú ọ̀nà ìpele kejì, nítorí náà oṣù kìíní ọdún ni mo máa ń ní kí àwọn ọ̀dọ́ san án.

Ẹ tún jẹ́ kó yé yín pé NSE kì í ṣe COREN. Ẹgbẹ́ ni NSE; COREN ni òfin gbé kalẹ̀ láti ọdún 1970 láti forúkọ ẹnjiníà sílẹ̀, òun ló sì ń fúnni láṣẹ láti ṣiṣẹ́ yìí nílé. MNSE nìkan kò tó láti fọwọ́ sí àwòrán ilé.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ fi ìwé ẹ̀rí Ifẹ̀, ti ìsìnlú àti ìwé ìrìnnà yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ wò ó bóyá orúkọ wọn bára mu délẹ̀délẹ̀. Bí ọ̀kan bá yàtọ̀, ẹ lọ búra sí i ní kóòtù, tàbí lọ́dọ̀ aṣojú ìjọba wa níbẹ̀, kí ẹ tó fi fọ́ọ̀mù gírádúéètì ránṣẹ́.