Íméèlì tí mo fi gba sípọ́ńsọ̀ lọ́wọ́ àwọn olùta páànù

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Ṣánẹ́ẹ̀lì ìdáná kékeré ni mo ní lórí Yútúùbù, àwọn tó ti sọ́bísíkíràìbù ò tíì pé 3,000. Mo ti kọ íméèlì sí kọ́ńpìnì mẹ́rin tó ń ta ìkòkò pé kí wọ́n ṣe sípọ́ńsọ̀ mi, kò sẹ́ni tó dáhùn. Kí ni kí n kọ?"

Àbúrò, mẹ́rin ṣì kéré. Méje lèmi kọ tí ẹnikẹ́ni ò dá mi lóhùn, mo sì ti wá mọ ìdí rẹ̀ báyìí. Àkọ́kọ́ nínú wọn ṣì wà nínú fóònù mi, ojú máa ń tì mí tí mo bá ṣí i. Ó gùn tó ojú ìwé kan ààbọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ látorí bí màmá mi ṣe kọ́ mi lọ́bẹ̀ sísè ní Ṣakí, mo wá ní èèyàn 3,100 ló ti sọ́bísíkíràìbù, pé màá fẹ́ ká jọ ṣiṣẹ́ pọ̀, ó tán. Ká jọ ṣe kí ni? Mi ò sọ. Ìkòkò wọn wo? Mi ò dárúkọ ìkankan. Ẹni tó ń ta páànù, kí ló fẹ́ fi ìtàn màmá mi ṣe?

Kọ́mẹ́ǹtì ló gbà mí. Mo dín dodo nínú fídíò kan, páànù nọ́nsitíìkì 28 cm tí mo fowó ara mi rà ní Dùgbẹ̀ ni mo lò, mi ò tiẹ̀ sọ̀rọ̀ páànù ọ̀hún rárá, àmọ́ nígbà tó fi máa tó ọ̀sẹ̀ méjì, èèyàn 11 ti ń bi mí lábẹ́ fídíò yẹn pé "ẹ jọ̀ọ́ mà, níbo lẹ ti ra páànù yín, dodo yẹn ò lẹ̀ mọ́ ọn rárá". Mo ti ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó sọ sí mi lọ́kàn pé àwọn tó fẹ́ rajà rèé o, èmi ni mò ń polówó lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ya skrínṣọ́ọ̀tì gbogbo ìbéèrè wọ̀nyẹn, mo tò wọ́n sínú àwòrán kan ṣoṣo.

Àdírẹ́sì tún ni. Èyí tí wọ́n máa ń kọ sísàlẹ̀ wẹ́ẹ̀bù wọn, ibẹ̀ làwọn tí ọwọ́ ìkòkò wọn ti yọ máa ń kọ ẹjọ́ sí, tìrẹ á kàn sọnù sáàárín wọn ni. Mo yẹ páálí páànù mi wò, nọ́ńbà àwọn tó ń kó o wọlé ní Èkó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo pè wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè, mo bi ọmọbìnrin tó gbé e pé ta ló ń mójú tó ìpolówó níbẹ̀, ó sì ka íméèlì ọ̀gá náà fún mi ní lẹ́tà-lẹ́tà. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré.

Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ íméèlì kẹjọ yẹn, àmọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ rèé. Àkọlé rẹ̀: "Èèyàn 11 bi mí níbi tí wọ́n ti lè ra páànù 28 cm yín". Lẹ́yìn náà:

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ìbàdàn ni mo ti ń ṣe fídíò ìdáná. Mo fi páànù yín, tí mo fowó mi rà, dín dodo nínú fídíò yìí, ìbéèrè àwọn tó fẹ́ rà á ló wà nínú àwòrán yìí. Fídíò mẹ́wàá tí mo ṣe kẹ́yìn, wọ́n ń wo ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ìgbà 1,900 láàárín 30 ọjọ́, ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń wò ó ló sì wà ní Nàìjíríà. Mo fẹ́ fi páànù yín dín ẹyin láìsí òróró ní ọjọ́ kìíní, kí n máa fi dáná lójoojúmọ́, kí n tún dín ẹyin ní ọjọ́ 21, káwọn èèyàn fojú ara wọn rí i. Owó iṣẹ́ mi jẹ́ ₦60,000. Ṣé kí n fi ètò fídíò náà ránṣẹ́ ní Tọ́sìdeè?"

Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Má so fídíò mọ́ íméèlì o, kò ní wọlé, líǹkì ni kó o fi síbẹ̀, kó o sì jẹ́ kó ṣí síbi tí páànù ti hàn gan-an. Tèmi wà ní ìṣẹ́jú 4:12, ìyẹn ìṣẹ́jú-àáyá 252, báyìí ni mo ṣe kọ ìdí líǹkì náà:

```
&t=252s
```

Ìdá 71 yẹn, má fojú kékeré wò ó. Méjì nínú àwọn méje tí mo kọ́kọ́ kọ sí, ìlú ọba ni wọ́n ti ń tajà, ìkòkò wọn ò dé Nàìjíríà rárá, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń wò mí láti Lọ́ńdọ̀nù ò ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ. Ta ni wọ́n fẹ́ tà á fún? Lọ wò ó nínú YouTube Studio, lábẹ́ Analytics, níbi Audience, ibi tí àwọn tó ń wò ẹ́ wà ló máa sọ kọ́ńpìnì tó o lè kọ̀wé sí.

Mú oúnjẹ tó bá ìkòkò mu pẹ̀lú. Mo ti kọ ọ́ sí kọ́ńpìnì kan rí pé màá fi nọ́nsitíìkì wọn se jọ̀lọ́ọ̀fù pátì kí ìdí rẹ̀ jóná dáadáa, hmm, ẹni tó mọ ọjà ẹ̀ á kàn rẹ́rìn-ín ni. Iná ńlá ló ń ba nọ́nsitíìkì jẹ́, tó bá ti gbóná kọjá 260°C ohun tí wọ́n fi kùn ún á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, ṣíbí irin náà á sì ha á. Ẹyin, páńkéèkì, dodo olóróró díẹ̀, ìyẹn ni tiẹ̀. Jọ̀lọ́ọ̀fù, fi sílẹ̀ fáwọn tó ń ta ìkòkò irin tó nípọn.

Ọjọ́ kejì ni ọ̀gá yẹn dáhùn. Ó ní tí ẹyin bá wá lẹ̀ ní ọjọ́ 21 ńkọ́? Mo ní màá fi hàn bẹ́ẹ̀ ni, ó dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, ó wá ní ká fi sí ọjọ́ 14. Mo gbà. Ẹyin ò lẹ̀ ṣá.

Ibi tí mo ti ṣe wèrè ni pé nígbà tí wọ́n bi mí bóyá àwọn lè lo fídíò náà, mo kọ ọ́ pé "ẹ lò ó bó ṣe wù yín". Àbúrò, odindi oṣù márùn-ún ni wọ́n fi gé ojú mi síbí gé e sọ́hùn-ún, tí wọ́n ń sanwó fi polówó káàkiri Íńsítágíráàmù, àwọn ará àdúgbò ń kí mi kú owó, bẹ́ẹ̀ ₦60,000 yẹn náà ni o. Mi ò lè jà, èmi ni mo kọ ọ́. Ní báyìí, ìlà kan máa ń wà nínú ìdáhùn mi: wọ́n lè gbé e sójú ìwé wọn fún 30 ọjọ́, tí wọ́n bá fẹ́ sanwó polówó rẹ̀, owó ọ̀tọ̀ ni. Kó o sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pé "Includes paid promotion" máa hàn lórí fídíò, torí àwọn kan á ní kó o gbé e pa mọ́, má gbà.

Tí wọn ò bá dáhùn, dúró tó ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà, kó o kọ sábẹ́ íméèlì àkọ́kọ́ yẹn náà lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú nǹkan tuntun: ó ti di èèyàn 15 tó ń béèrè. Lẹ́yìn ìyẹn, fi wọ́n sílẹ̀ jàre.

Ìkòkò wo lo máa ń lò jù nínú fídíò rẹ gan-an, ṣé wọ́n sì ti bi ẹ́ níbi tó o ti rà á rí?