Ibi tó yẹ ká ti dá àlọ́ dúró kí ọmọ tó parí rẹ̀

*Ọmọ mẹ́ta ló wà nílé mi, ọmọ ọdún 5, 7 àti 8. Alaalẹ́ ni mo ń pàlọ́ fún wọn láti ìgbà tí ilé-ìwé ti gba ìsinmi. Mo fẹ́ kí àwọn náà máa dá ìparí tiwọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá ti bi wọ́n pé "Báwo ló ṣe wá parí?", èyí tó kéré jù á máa wò mí, ẹ̀gbọ́n wọn á ní "Gbogbo wọn kú." Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ìyá ọmọ mẹ́ta, Abẹ́òkúta.*

Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ o, ìyá wa. Ìbéèrè tí ẹ ń bi wọ́n yẹn ló wúwo jù. Ọmọ tí ẹ bi pé báwo ló ṣe parí ní láti rántí gbogbo àlọ́ náà, kó ro ohun tó kù tó máa ṣẹlẹ̀, kó sì tún wá ọ̀rọ̀ tó máa fi sọ ọ́, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọmọ ọdún 5 kò lè ru ẹrù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ọmọ ọdún 8 lè rù ú, àmọ́ ó ti mọ ọ̀nà àbùjá: bí gbogbo wọn bá ti kú, kò sẹ́ni tó tún máa bi í ní nǹkan kan mọ́.

Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní sí ìkẹta. Ohun tí mo rí ni pé ibi téèyàn ti dá àlọ́ dúró ló ń la ọmọ lẹ́nu. Ẹ jẹ́ ká mú àlọ́ Ìjàpá tó jí àsáró nílé àna rẹ̀, torí ó kúrú, kò sì ní ohun tó máa ba ọmọ lẹ́rù lóru.

Ẹ kọ́kọ́ pa á tán fún wọn bí àwọn àgbà ṣe ń pa á, ní alẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, ẹ má fi ohunkóhun sílẹ̀. Ọmọ tí kò tíì mọ àlọ́ dénú kò lè yí i padà. Ní alẹ́ kẹrin, ẹ fi àlọ́ àpamọ̀ kan tàbí méjì pe ọkàn wọn wálé. "Òrúkú tindí tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò" dára, torí pé ọmọ tó bá ti jẹ ẹ̀wà lọ́sàn-án yóò mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà, ààlọ́ o, ààlọ̀.

Ìjàpá lọ kí àwọn àna rẹ̀. Ìyá Yánníbo se àsáró, ó sọ ọ́ kalẹ̀ nínú ìkòkò, ó wá bọ́ sẹ́yìnkùlé. Ìjàpá wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ki ìgbákọ bọ ìkòkò, ó bu àsáró gbígbóná sínú fìlà, ó sì dé e mọ́rí. Bó ṣe dìde pé òun ń lọ ni ìyá ìyàwó rẹ̀ wọlé, ó ní, "Rárá o, ẹ jẹ́ n sìn yín dé ojú ọ̀nà." Wọ́n ń lọ, ìyá ń bi í nípa oko, ó ń bi í nípa ilé. Àsáró ń jó o lórí.

Ibẹ̀ ni kí ẹ ti dúró. Ẹ wò ó pé gbogbo ohun tó yẹ kí ọmọ mọ̀ ló ti wà nílẹ̀: fìlà, ooru, àna tí kò fẹ́ padà. Bí ẹ bá tètè dá a dúró ju ibẹ̀ lọ, bóyá nígbà tí Ìjàpá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé àna, ọmọ kò ní mọ ohun tó le níbẹ̀. Bí ẹ bá sì dá a dúró lẹ́yìn tí fìlà ti já bọ́, kò ku nǹkan kan tó máa rò. Ìbéèrè náà kéré gan-an: "Kí ni Ìjàpá máa sọ kí ìyá lè padà sílé?"

Orin ni mo fi máa ń ran àwọn kékeré lọ́wọ́. Èmi á dá a pé, "Àna mi, ẹ padà o," wọ́n á gbè é pé, "Ó ń gbóná!" Èmi á ní, "Ilẹ̀ ti ń ṣú o," wọ́n á ní, "Ó ń gbóná!" Lẹ́yìn náà, ọmọ kọ̀ọ̀kan á dá ẹsẹ kan. Ọmọ ọdún 5 tí kò rí ọ̀rọ̀ sọ lè ní, "Ẹsẹ̀ ń dùn yín o," ó sì ti dá nǹkan sílẹ̀ nìyẹn. Èyí tó kéré jù ni kó kọ́kọ́ dá a. Bí ẹ̀gbọ́n bá ti sọ tiẹ̀ ṣáájú, tẹ̀gbọ́n náà ni àbúrò máa tún sọ.

Òfin kan péré ni mo ń fún wọn: ohun tí a bá ti rí nínú àlọ́ tàbí ní ojú ọ̀nà àbúlé ni kí ẹ lò. Ọmọkùnrin kan mú ẹlikópútà wá pé kó gbé Ìjàpá lọ. N kò bá a wí, mo kàn bi í pé, "Níbo ló wà nígbà tí ìyá ń se àsáró?" Ó rò ó títí, ó ní kí ó jẹ́ ẹyẹ àṣá tó ń wá adìyẹ. A gbà á.

Lọ́jọ́ mìíràn, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 7 kan ní Ìjàpá máa tọrọ omi, á ní ní ìlú tòun, ẹni tó bá ń lọ sílé gbọ́dọ̀ fi omi tútù wẹ orí. Inú mi dùn sí i. Kí n tó sọ̀rọ̀, ọ̀kan lára wọn ti ní, "Ìyá máa ní kó ṣí fìlà." Gbogbo wọn dákẹ́. Ọmọbìnrin náà ní, "Ó máa ní kí ìyá bojú wẹ̀yìn, torí àna kì í wo orí àna." Bí àríyànjiyàn bá ti bẹ́ sílẹ̀ báyìí láàárín wọn, ẹ fà sẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí wọ́n jà á tán.

Ní ti "gbogbo wọn kú," ẹ má bá a jiyàn. Ẹ bi í pé, "Ta ló kọ́kọ́ rí wọn láàárọ̀? Kí ló bá nínú fìlà?" Ẹni tó rí wọn ti wà láàyè, àlọ́ á tún gbéra. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé oorun ló kàn, ẹ má jẹ́ kí àbúrò lọ sùn lórí òkú.

Ó lè jẹ́ pé ọmọ yín máa jẹ́ kí Ìjàpá mú un jẹ. Ẹ má tìtorí ìyẹn bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù fún un pé olè kò dára. Ọmọ tó bá rí i pé ìparí kan wà tí ẹ̀yin ń retí, ìyẹn ló máa máa wá lójú yín, kò ní ronú mọ́. Nígbà tí gbogbo wọn bá ti sọ tiwọn, ẹ wá ní, "Bí àwọn àgbà ṣe parí tiwọn rèé": ooru pọ̀, Ìjàpá ju fìlà nù, àsáró ṣàn sójú, orí ti bó, ìdí nìyẹn tí Ìjàpá fi pá lórí títí dòní. Ẹ má fi èyí sílẹ̀ láéláé, kí wọ́n má baà mọ tiwọn kí wọ́n má mọ ti ìdílé.

Gbogbo rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju bí ìṣẹ́jú 20 lọ. Bí ẹ bá rí i pé ọmọ ń tún ohun tí ẹlòmíràn sọ sọ, tó ń fọwọ́ pa ojú, ó ti rẹ̀ ẹ́ nìyẹn, ẹ parí rẹ̀ fúnra yín.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ kan pa ìdí àlọ́ dé lálẹ́ kọ̀ọ̀kan. Èmi máa ń fi í fún ẹni tó kéré jù: ìdí àlọ́ mi rèé gbáńgbáláká, bí mo bá purọ́ kí agogo ẹnu mi má ró, bí n kò bá purọ́ kó ró lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Á wá fi ìka gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́: pó, pó, pó.