Mínítì ìpàdé sí Faransé

"Mínítì ojú ewé 6 àti nóòtì ògbufọ̀ ló wà lọ́wọ́ mi, báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ di ṣókí fáwọn tó ń sọ Faransé?"

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì túmọ̀ nǹkan kan o. Ohun tí wọ́n fẹnu kò lé, ẹni tó máa ṣe é àtìgbà wo, ìyẹn nìkan ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ falà sí. Nóòtì ògbufọ̀ kì í ṣe mínítì, àmì ìrántí lásán ni, ẹ pe ògbufọ̀ náà lọ́jọ́ ìpàdé gan-an kó tó gbàgbé. L'Ógbòmọ̀ṣọ́ níbí, mo rí "kaṣú 40 → Mọ́ńdè?" nínú nóòtì ògbufọ̀, mo wá kọ ọ́ pé àpò 40 ń bọ̀ ní Mọ́ńdè, mi ò ka àmì ìbéèrè yẹn sí, àṣé "a ó rí sí i" ni alága sọ, ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ni, àwọn ará Kòtónú tó ka ohun tí mo kọ sì ti háyà mọ́tò. "Wọn ò tíì pinnu" ló yẹ kí n kọ.