Ìmọ́lẹ̀ háídírójìn: ìpele méjì lo gbọ́dọ̀ mú, kì í ṣe ọ̀kan

Ìbéèrè: Ẹ káàsán sà. Wọ́n ní ká ṣírò gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ pupa tí háídírójìn máa ń tàn láti n = 3. Mo mú agbára ìpele 3, ìyẹn 1.51 eV, mo fi pín 1240 bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní lẹ́sìnnì, mo rí 821 nm. Ìwé ní 656 nm ni. Ṣé ìwé ló ṣì í ni?

Ìdáhùn: Ìwé kò ṣì í. Ìwọ náà mọ pípín, àmọ́ ohun tí o fi pín ni kò tọ́. Kò sí ìmọ́lẹ̀ kankan tí ìpele 3 nìkan ń tàn. Ìgbà tí ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù bá kúrò ní ìpele kan tó bọ́ sí òmíràn nísàlẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń jáde, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìpele méjèèjì sì ni agbára tí ìmọ́lẹ̀ náà ń gbé lọ. Ìbéèrè tó bá sọ ibi tí ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù ti wá láì sọ ibi tó bọ́ sí kò tíì pé. Tìrẹ pé ní tiẹ̀, nítorí ó sọ pé ìmọ́lẹ̀ náà pupa. Wàá rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ọ̀nà àbùjá tí wọ́n fún yín ní lẹ́sìnnì yẹn ń bí mi nínú gan-an. Gbogbo ìgbà tí ìdánwò bá ti ń sún mọ́ ni wọ́n ń mú un wá bá mi: "fi agbára ìpele pín 1240, kí o sì pa àmì ìyọkúrò rẹ́." Níbi àmì tí wọ́n ní kí ẹ pa rẹ́ yẹn gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ ti bà jẹ́.

Nínú àlàyé tí Niels Bohr ṣe ní ọdún 1913, agbára ìpele kọ̀ọ̀kan nínú átọ́ọ̀mù háídírójìn ni:

E = −13.6 / n² (eV)

eV ni òṣùwọ̀n agbára tí a ń lò fún nǹkan kéékèèké báyìí. Tí n bá jẹ́ 1, a ó rí −13.6, tó bá jẹ́ 2, −3.40; 3 yóò fún wa ní −1.51, 4 yóò sì fún wa ní −0.85. Ka àmì ìyọkúrò yẹn sí gbèsè. Ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù tó ti bọ́ lọ́wọ́ átọ́ọ̀mù, tó dúró jẹ́ẹ́, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Òdo ni tirẹ̀. Èyí tó wà ní ìpele 3 jẹ gbèsè 1.51, èyí tó wà ní ìpele 2 sì jẹ 3.40. Tó bá bọ́ láti 3 sí 2, gbèsè rẹ̀ ti lé sí i ní 1.89. 1.89 eV tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yá yìí ni ìmọ́lẹ̀ gbé jáde, nínú ẹyọ fótọ́ọ̀nù kan ṣoṣo. Fótọ́ọ̀nù kò mọ iye tí ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù ti jẹ tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà, ìṣirò rẹ yẹ kó rí báyìí:

3.40 − 1.51 = 1.89 eV
1240 ÷ 1.89 = 656 nm

1240 yẹn ni h, nọ́ńbà Planck tí kì í yí padà, tí a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú c, ìyẹn eré ìmọ́lẹ̀, tí a kọ ọ́ lọ́nà tí eV àti nánómítà yóò fi bára mu. Tí ìwé ìdánwò bá fún ọ ní h = 6.6 × 10⁻³⁴ àti c = 3.0 × 10⁸, lo ohun tí wọ́n fún ọ. Wàá rí nǹkan bíi 655 nm, kò sì burú. N kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà bí olùmáàkì kọ̀ọ̀kan ṣe ń fún èèyàn ní máàkì, nítorí náà máa kọ gbogbo ìgbésẹ̀ rẹ sílẹ̀.

Kí wá ni 821 tí o rí? Ó ní ìtumọ̀. Òun ni ìmọ́lẹ̀ tí yóò jáde tí ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù tí kò jẹ gbèsè rárá bá já wọ ìpele 3. Ibẹ̀ ni ọ̀wọ́ ìlà tí wọ́n ń pè ní ọ̀wọ́ Paschen parí sí, ìyẹn àwọn ìlà tó ń bọ́ sí ìpele 3. Ibi òpin ọ̀wọ́ bẹ́ẹ̀ nìkan ni ọ̀nà àbùjá yín ti lè ṣiṣẹ́. Ojú rẹ pàápàá ì bá ti kìlọ̀ fún ọ: pupa tí ojú èèyàn ń rí máa ń tán ní àyíká 700 sí 750 nm. Wọ́n béèrè ìmọ́lẹ̀ pupa, o mú èyí tí ojú kò lè rí wá.

Èyí ni mo fi ní àwọ̀ ti sọ ibi tí ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù bọ́ sí. Èyí tó bá bọ́ sí ìpele 1, ọ̀wọ́ Lyman ló wà: láti 121.6 nm wálẹ̀ dé 91.2 nm, ojú kò rí i nítorí ó ti kọjá àwọ̀ àlùkò. Èyí tó bọ́ sí ìpele 3 bẹ̀rẹ̀ láti 1875 nm wálẹ̀ dé 820 nm, ó sì wà lẹ́yìn pupa. Àwọn tó bọ́ sí ìpele 2, ìyẹn ọ̀wọ́ Balmer, nìkan ló ní ìlà tí ojú lè rí. Láti 656.3 nm dé 364.6 nm ni wọ́n wà. Tí ìdáhùn rẹ fún ọ̀wọ́ kan bá bọ́ síta ààyè rẹ̀, má wulẹ̀ fi sílẹ̀, padà lọ wo ìyọkúrò rẹ.

Johann Balmer, olùkọ́ iléèwé ní Basel, ti rí i ní 1885 pé nọ́ńbà méjì ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ ìdí. Ìlà mẹ́rin tí ojú rí ló tẹjú mọ́, ó sì kọ ọ́ báyìí:

λ = 364.6 × n² / (n² − 4) nm

Fi 3 sí ipò n: 364.6 × 9 ÷ 5 yóò fún ọ ní 656.3. 4 tó wà nísàlẹ̀ yẹn, 2² ni. Ibi tí ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù bọ́ sí ti wà nínú rẹ̀ kí Bohr tó sọ ohun tó jẹ́.

Má gbé ìlànà yìí kọjá ibi tó mọ. Átọ́ọ̀mù tó ní ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù kan ṣoṣo ló wà fún. Hílíọ́ọ̀mù tó ní méjì ti kọ̀ ọ́, torí ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù méjèèjì ń ti ara wọn. Kò sì sọ ìdí tí ìlà kan fi mọ́lẹ̀ ju òmíràn lọ. Bákan náà, àwòrán ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù tó ń yí po bí ayé ṣe ń yí oòrùn po kò tọ́ mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye agbára ìpele wọ̀nyẹn ṣì dúró.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi ojú ara yín rí àwọn ìlà náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe dán an wò nílé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóltì ni iná tó ń tan túùbù gáàsì háídírójìn, ó lè pa èèyàn. Láábù tí olùkọ́ wà ni kí ẹ ti wò ó.

Ní báyìí, ṣe ti n = 4 sí n = 2 fúnra rẹ. Tí o bá rí 1459 nm, ìpele kan ṣoṣo lo tún mú. Tí o bá rí 486 nm, tó jẹ́ àwọ̀ búlúù tó fara pẹ́ ewé, o ti gbà á.