Dọ́pílà nínú reluwé àti lórí sátẹ́láìtì

Ẹ jọ̀ọ́, tí reluwé bá ń sáré 300 km/h, ṣé Dọ́pílà ò ní ba nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù jẹ́? Ti sátẹ́láìtì wá ńkọ́?

Dọ́pílà máa ń yí fíríkúẹ́ńsì sígínà padà o, tí fóònù bá ń sún mọ́ òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tàbí tó bá ń jìnnà sí i, àmọ́ díẹ̀ ni. Ẹ mú reluwé TGV ilẹ̀ Faransé, 300 km/h jẹ́ bíi mítà 83 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wà lórí 1.8 GHz, `fd = v × f / c`, ìyẹn eré reluwé lọ́nà fíríkúẹ́ńsì, ká fi eré ìmọ́lẹ̀ pín in, máa fún wa ní nǹkan bíi 500 Hz. Fóònù máa ń wo àmì tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ nínú sígínà, á rí bó ṣe yẹ̀ sí, á wá tún fíríkúẹ́ńsì tiẹ̀ ṣe kó bá a mu. Àmọ́ fíríkúẹ́ńsì tó ti yẹ̀ yẹn náà ló fi ń fèsì, torí náà tó bá fi máa dé ọ̀dọ̀ òpó ó ti di 1000 Hz, òpó ló máa yọ ìyẹn kúrò. Ibi tó le jù ni ìgbà tí reluwé bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó gan-an, +500 á di -500 kíá, tí òpó bá sì sún mọ́ ojú irin jù, fóònù lè má tètè bá a.

Ti sátẹ́láìtì tó ń fò nítòsí ayé ju ìyẹn lọ fíìfíì, lórí 2 GHz ó lè kọjá 40 kHz, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ọ̀nà tó ń gbà, fóònù á fi GPS mọ ibi tóun wà, á ṣírò ẹ̀, á sì ti yí fíríkúẹ́ńsì tiẹ̀ sódì kó tó fi ránṣẹ́.