Àìrí ẹ̀dà fídíò lórí ayélujára kì í ṣe ẹ̀rí pé tuntun ni

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin àgbà akọ̀ròyìn, fídíò kan ti ń jà ràn-ìn láti àárọ̀, olóòtú wa sì fẹ́ kí a lò ó nínú ìròyìn alẹ́. Mo ti fi àwòrán inú rẹ̀ wá a lórí Google, kò gbé nǹkan kan jáde. Ẹni tó gbé e sójú òpó rẹ̀ sì ti ní kí a máa lò ó. Ṣé ìyẹn ti tó?"

Kò tíì tó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì lò ó. Ohun méjèèjì tí ẹ ṣe yìí gan-an ni èmi náà ṣe ní ọjọ́ tí irọ́ gba ọwọ́ mi dé orí afẹ́fẹ́. Fídíò omíyalé ni, ìṣẹ́jú àáyá 38 ni gígùn rẹ̀. Omi pupa ń gbá ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ méjì lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri funfun kan, ọkùnrin kan sì dúró sórí òrùlé, ó ń fi aṣọ juwọ́ kí wọ́n lè rí i. Àlàyé tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé àárọ̀ ọjọ́ náà ni ó ṣẹlẹ̀, ní ìlú kan tí òjò ti rọ̀ mọ́jú lóòótọ́. Mo mú àwòrán ibi tí omi ti ń gbé ọkọ̀, mo fi wá a, n kò rí nǹkan kan. Mo kọ̀wé sí ẹni tó gbé e jáde pé, "Ṣé ẹ gbà kí a lò ó?" Ó dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ lò ó." A gbé e jáde ní aago méje alẹ́. Kí aago mẹ́sàn-án tó lù, ẹnì kan tó ń wò wá ti fi línkì ránṣẹ́: fídíò kan náà ni, orílẹ̀-èdè mìíràn ni wọ́n ti yà á, ó sì ti pé ọdún mẹ́rin lórí ayélujára. Ohun tó dùn mí jù ni ti àwọn tí ẹbí wọn wà ní ìlú náà, tí wọ́n fi gbogbo òru pe fóònù kiri nítorí wọ́n rò pé ọkọ̀ èèyàn wọn ni omi gbé lọ.

Ní ọjọ́ kejì, mo jókòó ti fídíò náà láti mọ ohun tó fi bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Orí kọ̀ǹpútà ni mo ti ṣe é, kì í ṣe orí fóònù. Mo tú u sí àwòrán ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹyọ kan fún ìṣẹ́jú àáyá kan, mo sì tún tú u lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú ọ̀tún tó ti di òsì, bí ìgbà tí èèyàn ń wo nǹkan nínú dígí. ffmpeg, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tú fídíò, ni mo fi ṣe é. Àṣẹ méjèèjì tí mo tẹ̀ nìyí:

```
ffmpeg -i fidio.mp4 -vf fps=1 awo%03d.png
ffmpeg -i fidio.mp4 -vf "fps=1,hflip" yi%03d.png
```

Ìdí tí mo fi yí i ni pé, nígbà tí mo sọ àwòrán kejìlá di ńlá, nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ kejì kọjú sẹ́yìn. Lẹ́tà kan tó yẹ kó la ẹnu sí ọ̀tún, òsì ni ó la ẹnu sí. Wọ́n ti yí fídíò náà kí ẹ̀rọ tó ń wá àwòrán má baà dá a mọ̀. Wọ́n sì ti fi pátákó dúdú kan, tí wọ́n kọ "ìròyìn yàjóyàjó" sí, bo ìsàlẹ̀ ibi tí ògiri funfun náà wà. Mo ti rí pátákó yẹn ní àná, mo sì kà á sí ọ̀ṣọ́ lásán. Láti ọjọ́ náà, ohunkóhun tí wọ́n bá fi bo apá kan àwòrán, mo máa ń kọ́kọ́ bi ara mi pé kí ni ó wà lábẹ́ rẹ̀. Àkọlé ilé ìtajà kan ló wà lábẹ́ ti fídíò yìí, èdè tí wọ́n fi kọ ọ́ kì í sì í ṣe èdè tí wọ́n ń kọ ní ìlú tí a dárúkọ.

Àṣìṣe mi kejì ni àwòrán tí mo yàn. Omi ni mo fi wá a, omi sì jọ omi níbi gbogbo láyé, nítorí náà omíyalé onírúurú ni ẹ̀rọ ń kó wá bá mi. Ohun tó yẹ kí a fi wá fídíò ni ohun tí kì í kúrò níbi tó wà: òrùlé tó ní àwọ̀ tirẹ̀, òpó iná tó tẹ̀, ògiri tó ní ìlà, igun ọ̀nà. Mo mú àwòrán mẹ́ta tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ hàn nínú wọn dáadáa, mo gé pátákó dúdú náà kúrò, mo sì wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lórí Google Lens, lórí Yandex àti lórí TinEye, nítorí ohun tí ọ̀kan kò tíì rí rí, òmíràn lè ti rí i. Àwọn tí n kò yí padà kò mú nǹkan kan wá. Nínú àwọn tí mo yí, òrùlé náà ni ó jáde lórí Yandex, ó sì gbé mi dé ibi tí ẹnì kan ti gbé fídíò náà sí ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ìṣẹ́jú àáyá 62 ni tiẹ̀. A jẹ́ pé wọ́n ti gé ìṣẹ́jú àáyá 24 kúrò nínú èyí tó dé ọ̀dọ̀ mi, inú apá tí wọ́n sì gé dànù ni orúkọ òpópónà náà ti hàn kedere.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí ohun tí àbájáde yìí lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Tí ẹ bá rí ẹ̀dà kan ṣoṣo tó ti wà lórí ayélujára ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n ní nǹkan náà ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí: irọ́ ni àlàyé náà, bí àwòrán náà tilẹ̀ jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n tí ẹ kò bá rí ẹ̀dà kankan, ohun tí ẹ mọ̀ kò ju pé ẹ̀rọ náà kò dá a mọ̀ ní ìrísí tí ẹ fi wá a. Àwọn àgbà nínú iṣẹ́ yìí náà ti ṣubú sí ibi tí àwòrán òótọ́ ti wọ aṣọ àlàyé èké. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2012, BBC lo àwòrán òkú tí wọ́n fi aṣọ funfun dì, tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ pé ti àwọn tí wọ́n pa ní Houla ní orílẹ̀-èdè Syria ni. Iraq ni Marco Di Lauro ti ya àwòrán náà ní ọdún 2003. Ayàwòrán náà fúnra rẹ̀ ni ó dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n wá sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ní kí ẹ máa lò ó, nítorí ibẹ̀ ni mo rò pé iṣẹ́ kù sí jù fún yín. Ìbéèrè tí mo bi ẹni tèmi kò dára. Mo tọrọ àyè, ó fún mi láyè, n kò sì bi í bóyá òun ni ó yà á. Ẹnikẹ́ni lè sọ pé kí ẹ lo nǹkan ẹlòmíràn, òmíràn kò tilẹ̀ ní fi purọ́, yóò kàn rò pé ohun tí òun gbé sójú òpó òun ti di tòun. Ohun tí mo ń béèrè nísinsìnyí ni pé: "Ṣé ẹ̀yin gan-an lẹ di fóònù mú? Ibo lẹ dúró sí? Kí ló wà lẹ́yìn yín? Kí lẹ ń ṣe kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yà á, kí ló sì ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ dáwọ́ dúró?" Ẹni tó wà níbẹ̀ yóò sọ ohun tí kò sí nínú fídíò. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ yóò tún ohun tí ẹ jọ rí sọ fún yín, tàbí kí ó máa bínú.

Lẹ́yìn náà ni mo máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi fáìlì náà gan-an ránṣẹ́, pẹ̀lú àwòrán tàbí fídíò tó yà ṣáájú rẹ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹni tó rí nǹkan àrà yà á lẹ́ẹ̀kan péré. Tí ó bá fẹ́ fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ ní kí ó fi í ránṣẹ́ bíi fáìlì ìwé, kì í ṣe bíi fídíò, nítorí tí ó bá lọ bíi fídíò, WhatsApp yóò fún un pọ̀, yóò sì yọ ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti yà á kúrò nínú rẹ̀. Ẹ wo orúkọ fáìlì náà pẹ̀lú. Nígbà kan, ẹnì kan búra fún mi pé òun ni òun ya fídíò kan, orúkọ fáìlì tó fi ránṣẹ́ bíi fáìlì ìwé sì ní ìrísí yìí:

```
VID-20190814-WA0012.mp4
```

WA tó wà nínú rẹ̀ fi hàn pé orí WhatsApp ni ó gbà wọlé. Ọjọ́ tó wà níbẹ̀ pàápàá kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n yà á, ọjọ́ tí WhatsApp gbé e wọ inú fóònù ni. Tí fáìlì gidi bá dé ọwọ́ yín, àṣẹ `exiftool -time:all fidio.mp4`, ti exiftool, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ka ohun tó pamọ́ sínú fáìlì, yóò gbé àwọn ọjọ́ àti aago inú rẹ̀ jáde. Ẹ rántí pé aago inú fídíò sábà máa ń jẹ́ UTC, ó lè fi wákàtí díẹ̀ yàtọ̀ sí ti ibi ìṣẹ̀lẹ̀, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n ṣe lè yí i padà. Nítorí náà, ẹ má fi òun nìkan ṣe ẹ̀rí.

Bí mo ṣe ń fi òjìji gbè é lẹ́sẹ̀ nìyí. Obìnrin kan fi fídíò ilé tó wó ránṣẹ́ sí wa, ó ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ni. Ó dáhùn gbogbo ìbéèrè mi, ó sì fi àwòrán mẹ́rin mìíràn tì í. Mo wá igun ọ̀nà náà lórí àwòrán sátẹ́láìtì: àgbá omi méjì lórí òrùlé kan, igi ńlá kan níwájú rẹ̀, ọ̀nà tó yà sí méjì, gbogbo rẹ̀ bára mu, mo sì ti mọ ibi tí ìlà oòrùn wà. Ṣùgbọ́n òjìji igi náà nà gbọọrọ síhà ìlà oòrùn. Òjìji kì í nà síbẹ̀ ní àárọ̀, nítorí pé nígbà náà ìlà oòrùn gan-an ni oòrùn wà. Mo gbé ibẹ̀ àti ọjọ́ náà sórí SunCalc, ìkànnì tó ń ṣírò ibi tí oòrùn wà ní aago kọ̀ọ̀kan, ó sì fi hàn pé aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni òjìji lè rí bẹ́ẹ̀. Mo pe obìnrin náà padà, n kò fi ẹ̀sùn kàn án, mo kàn ní kí ó rántí ohun tó ń ṣe kí ilé náà tó wó. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Mo ń ká aṣọ tí mo sá. Hà, ìrọ̀lẹ́ àná ni. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mo gbé e sójú òpó mi." Aago tó wà nínú fáìlì rẹ̀ sọ ohun kan náà. A tún àkókò náà kọ nínú ìròyìn wa, a sì lo fídíò rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà.